Ohun Tí 91 Ń Sọ Lójú Ẹ̀rọ POS

Bí ẹ bá gba ojú ọ̀nà Látééfù Jákáńdè kọjá ní Àgídìngbì nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Kádíbúrì àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó yí i ká bá ń jáde, ẹ óò rí àwọn oní-POS lábẹ́ agboòrùn wọn, ẹ óò sì gbọ́ gbólóhùn kúkúrú kan tí wọ́n ń sọ léraléra: “Kò lọ.” Oníbàárà ti ki káàdì bọ̀ ọ́, ó ti tẹ píìnì, ẹ̀rọ ti dún, ó sì ti gbé ọ̀rọ̀ kan jáde. Oní-POS á wò ó, á mi orí, á ní, “Kò lọ.” Gbólóhùn yìí jọ èsì, ṣùgbọ́n kì í ṣe èsì. Kò sọ bóyá owó ti kúrò nínú àkáǹtì tàbí kò tíì kúrò. Kò sọ ẹni tó yẹ kó ṣe nǹkan kan, kò sì sọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé owó kò tíì dé ọwọ́ ẹni tó wá gbà á, onítọ̀hún sì ti mọ èyí tẹ́lẹ̀.

Ẹ má jẹ́ ká dá àwọn oní-POS lẹ́bi. Ohun tí ẹ̀rọ fi hàn wọ́n ni wọ́n gé kúrú. Ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lójú ẹ̀rọ náà nìyí:

```
91
ISSUER OR SWITCH INOPERATIVE
```

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi lọ́dún tó kọjá, ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń kọ sọfitíwíà fún àwọn oní-POS, ni pé kí n sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí di èdè Yorùbá. Ìmọ̀ èdè Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì, kì í ṣe ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Wọ́n gbé àkójọ kóòdù kalẹ̀ níwájú mi, nọ́ńbà lápá òsì, gbólóhùn èdè Òyìnbó lápá ọ̀tún, wọ́n ní kí n túmọ̀ wọn. Kò pẹ́ tó fi hàn gbangba pé ìtumọ̀ nìkan kò lè yanjú ọ̀rọ̀ náà, nítorí gbólóhùn tó wà lápá ọ̀tún kò fìgbà kan jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a kọ fún ènìyàn.

Ẹ̀rọ ni a kọ ọ́ fún. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní ISO 8583, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1987. Òun ni èdè tí ẹ̀rọ báńkì kan fi ń bá ẹ̀rọ báńkì mìíràn sọ̀rọ̀ bí ẹnì kan bá lo káàdì. Nínú ìlànà yìí, gbogbo iṣẹ́ tí a rán jẹ́ àpò tó ní oríṣiríṣi àyè tí a fún ní nọ́ńbà. Iye owó ní àyè tirẹ̀, àkókò ní tirẹ̀. Àyè 39 ni ti èsì, àmì méjì péré ló sì gbà. Nígbà tí nǹkan bá yọrí sí rere, 00 ni ẹ̀rọ ń kọ síbẹ̀. Nígbà tí kò bá yọrí sí rere, nọ́ńbà mìíràn ni. Gbólóhùn èdè Òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà jẹ́ àlàyé fún àwọn tó ń so ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ, àwọn tó ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún. Àwọn tó kọ sọfitíwíà kàn gbé e bó ṣe wà, wọ́n sì gbé e síwájú aráàlú.

Ta ló sọ̀rọ̀ ọlá níbí?

Mo ti rí ohun tí èyí ń fà. Nínú àkójọ náà, 05 ni *Do Not Honour*. Kí n tó dé, ẹnì kan ti túmọ̀ rẹ̀ sí “Má bọlá fún un.” Ẹ fojú inú wo bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún tí a ka èyí sí létí níwájú èrò! Bẹ́ẹ̀, ọlá kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Láti ayé ìwé ṣẹ́ẹ̀kì ni wọ́n ti ń lo ọ̀rọ̀ náà ní báńkì. Bí báńkì bá san owó tí ṣẹ́ẹ̀kì béèrè, èdè wọn ni pé ó bọlá fún ṣẹ́ẹ̀kì náà. Nítorí náà, ohun tí 05 ń sọ kò ju pé báńkì tó fún ènìyàn ní káàdì kọ̀ láti san owó náà, kò sì sọ ìdí tó fi kọ̀. Ìdí lè jẹ́ pé wọ́n ti ti àkáǹtì náà pa fúngbà díẹ̀, tàbí pé ìnáwó náà ṣàjèjì lójú báńkì, tí wọ́n sì ń fura pé olè ló mú káàdì dání. Báńkì mọ̀ọ́mọ̀ fi ìdí náà pamọ́ ni, nítorí bí ó bá jẹ́ olè ló mú káàdì náà, kò yẹ kí ẹ̀rọ kọ́ ọ ní ohun tí yóò yí padà.

Nítorí náà, ohun tó wúlò fún oníbàárà kì í ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ọlá. Ó nílò láti mọ̀ pé báńkì òun ló kọ̀, pé títẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kò lè yí ìpinnu náà padà, àti pé nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ni kó pè. Gbólóhùn tí a fi rọ́pò rẹ̀ ni: “Báńkì oníkáàdì kọ̀ láti san owó yìí. Kí oníkáàdì pe báńkì rẹ̀.”

Kóòdù 51 ni èyí tí gbogbo ènìyàn rò pé ó yé àwọn: owó kò tó. Ṣùgbọ́n òun náà máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ₦5,050 ló wà nínú àkáǹtì ẹnì kan, tó sì fẹ́ gba ₦5,000. Oní-POS fẹ́ gba ₦100 fún iṣẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ ₦5,100 lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ mú 51 wá. Oníbàárà ń búra pé owó òun tó, òótọ́ ló sì ń sọ. Oní-POS ń búra pé kò tó, òótọ́ ni tòun náà. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni pé ọ̀rọ̀ tó wà lójú ẹ̀rọ kò sọ iye tí owó náà kò tó. Àwa kọ ọ́ báyìí: “Owó àkáǹtì kò tó ₦5,100 tí a tẹ̀. Ẹ dín iye kù.” Ẹ̀rọ mọ iye tí a tẹ̀, nítorí náà kò ṣòro fún un láti kọ ọ́ jáde. Iye tó kù nínú àkáǹtì kò sí níbẹ̀, nítorí kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹni tó dúró lẹ́yìn lórí ìlà kà.

Ọ̀nà tí owó ń gbà lọ

Orí 91 ni a ti lo àkókò jù, òun sì ni mo fẹ́ ṣàlàyé délẹ̀, nítorí òun ló lè mú kí ènìyàn sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó tó lè yé wa, a ní láti mọ ọ̀nà tí iṣẹ́ náà ń gbà lọ. Ibùdó mẹ́rin ni. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ POS fúnra rẹ̀. Ìkejì ni ilé-iṣẹ́ tàbí báńkì tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà. Ìkẹta ni ibi tí wọ́n ń pè ní *switch*. Lọ́kàn tèmi, oríta ni mo ń pè é, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà gbogbo báńkì ti pàdé. Ní Nàìjíríà, èyí tó lókìkí jù nínú irú oríta bẹ́ẹ̀ ni NIBSS, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1993, tó sì jẹ́ ti àwọn báńkì àti Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà lápapọ̀. Ibùdó kẹrin ni báńkì tó fún oníbàárà ní káàdì, èyí tí èdè Òyìnbó ń pè ní *issuer*. Báńkì kẹrin yìí nìkan ló lè yọ owó. Bó bá ti yọ ọ́ tán, èsì yóò gba ọ̀nà kan náà padà sọ́dọ̀ oní-POS.

Ibi mẹ́ta ni nǹkan ti lè dàrú lójú ọ̀nà yìí. Ó lè dàrú kí iṣẹ́ náà tó kúrò lára ẹ̀rọ POS, bóyá nítorí pé síìmù inú rẹ̀ kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Níbẹ̀, kóòdù kankan kò ní wá láti òkèèrè. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé òun kò rí ọ̀nà. Owó kò kúrò.

Ó tún lè dàrú ní oríta. Iṣẹ́ náà ti dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn báńkì kẹrin wà ní títì. Oríta yóò dáhùn pé 91. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó kò kúrò níbí náà.

Ẹ̀kẹta ló le jù. Iṣẹ́ náà dé báńkì kẹrin, báńkì yọ owó, ó sì rán èsì padà, ṣùgbọ́n èsì náà pẹ́ lọ́nà tàbí ó sọnù. Oríta dúró títí àkókò tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un fi pé, ó sì sọ fún oní-POS pé 91, tàbí 68 tó túmọ̀ sí pé èsì pẹ́ jù. Níbí, owó ti kúrò nínú àkáǹtì, oní-POS kò sì rí i gbà. Ìlànà ti pèsè sílẹ̀ fún èyí. Ó yẹ kí iṣẹ́ mìíràn gbéra, tí nọ́ńbà irú rẹ̀ ń jẹ́ 0420, láti sọ fún báńkì kẹrin pé kó dá owó náà padà. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn báńkì náà bá ṣì wà ní títì, iṣẹ́ ìdápadà náà yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ti àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí owó fi máa ń padà lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ nígbà mìíràn, tí ó sì máa ń gba ọjọ́ púpọ̀ nígbà mìíràn.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbí. Ẹni tó dúró sídìí ẹ̀rọ POS kò lè fi ojú mọ ìyàtọ̀ láàrin ìṣòro kejì àti ẹ̀kẹta. Nọ́ńbà kan náà ló rí. Ṣùgbọ́n ó lè fi ojú mọ ìyàtọ̀ láàrin ìṣòro àkọ́kọ́ àti àwọn méjì yòókù: bí kóòdù bá ti òkèèrè wá, a jẹ́ pé iṣẹ́ náà lọ, ó sì bọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀rọ náà dára. Gbogbo bí a ṣe máa ń gbé ẹ̀rọ sókè, tí a ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí a ń pààrọ̀ síìmù nítorí 91, kò lè tún nǹkan kan ṣe, nítorí báńkì tó jìnnà sí wa ni kò dáhùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí náírà tuntun wọ́n bí ojú, tí gbogbo ayé gbára lé káàdì àti fífi owó ránṣẹ́, “nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni” ni orúkọ tí a fún gbogbo àìsàn ẹ̀rọ. Ó yẹ ká fi orúkọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pè wọ́n, nítorí oògùn wọn kò dọ́gba.

Gbólóhùn tó lè mú ni sanwó lẹ́ẹ̀mejì

Ìtumọ̀ 91 tó wà nílẹ̀ kí n tó dé ni: “Olùfúnni tàbí ẹ̀rọ ìtanná kò ṣiṣẹ́.” Ẹni tó kọ ọ́ rò pé *switch* iná ni. Oní-POS tó bá ka èyí yóò lọ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ sọfitíwíà náà dá a lábàá pé kí a jẹ́ kó rọrùn: “Àṣìṣe wáyé. Ẹ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i.” Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ni, gbólóhùn náà sì dùn-ún kà. Ṣùgbọ́n ẹ fi í síbi ìṣòro kẹta tí mo ṣàlàyé lókè. Oníbàárà fẹ́ gba ₦10,000. Owó ti kúrò, èsì sọnù, ẹ̀rọ ní kí wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n gbìyànjú. Lọ́tẹ̀ yìí èsì dé, ó ní 00. Oníbàárà gba ₦10,000 lọ́wọ́ oní-POS, ₦20,000 ló sì ti kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀, títí di ìgbà tí èyí àkọ́kọ́ yóò padà. Bí ó bá jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ tàbí owó oògùn ni, ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe eré. Gbólóhùn tó rọrùn náà ló rán an níṣẹ́.

Mo sọ fún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀rọ yìí mọ̀ dájú ní ìṣẹ́jú yẹn?” Ó rò ó, ó ní ohun méjì péré ni: báńkì oníkáàdì kò dáhùn, kò sì sí ẹni tó lè búra pé owó kò kúrò. A wá fi ohun méjì yẹn ṣe ìpìlẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ kò bá mọ̀, a kò ní fi sí i lẹ́nu. Nítorí èyí ni a fi kọ̀ láti kọ “Owó yín wà láìléwu,” a sì kọ̀ láti kọ “Owó yín yóò padà.” Ìlérí ni àwọn méjèèjì, kò sì sí agbára ẹ̀rọ POS láti mú un ṣẹ.

Lẹ́yìn náà ni a rí i pé ènìyàn méjì ni ọ̀rọ̀ náà wà fún. Oní-POS ló ń wo ojú ẹ̀rọ. Oníbàárà ló ń mú risíìtì lọ. Ohun tí oní-POS gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kó má fúnni lówó, kó má sì tún un tẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí oníbàárà gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kó wo àkáǹtì rẹ̀, kó sì tọ́jú ẹ̀rí. Bí a bá da àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sójú kan, kò sẹ́ni tí yóò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà, a pín in sí méjì.

Nígbà tí àmì ohùn bá já bọ́

Ibí ni ìmọ̀ tí mo gbà ní yunifásítì ti wúlò. Ojú àwọn ẹ̀rọ kan lè fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ kékeré tó ń tẹ risíìtì nínú èyí tí a lò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà bí i “ẹ́” jẹ́ ohun méjì nínú kọ̀ǹpútà: “ẹ” wà lọ́tọ̀, àmì orí rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ tí kò bá mọ bí a ṣe ń gbé àmì náà gun orí lẹ́tà yóò tẹ àpótí kékeré tàbí àmì ìbéèrè dípò rẹ̀. Ìpinnu wa ni láti yọ gbogbo àmì kúrò lórí risíìtì, kí a sì yan ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ní yí padà bí àmì bá já bọ́.

Ẹ wo ewu tó wà níbẹ̀. “Ẹ má tẹ̀ ẹ́” àti “Ẹ máa tẹ̀ ẹ́” jẹ́ òdìkejì ara wọn. Bí àmì bá lọ, fáwẹ́lì kan ṣoṣo ló kù láàrin “ma” àti “maa,” àìmọye ènìyàn ló sì ń kọ “ma” fún méjèèjì lórí fóònù. A jẹ́ pé ẹ̀rọ lè kìlọ̀ fún ènìyàn kó má ṣe ohun kan, kí onítọ̀hún sì kà á pé kí òun máa ṣe é lọ. “Owó ò kúrò” náà léwu: bí ìlà bá gbe “o” kékeré àárín yẹn mì, ó di “Owo kuro.” Nítorí èyí, a kò lo “má” rárá. “Ẹ dúró” ni a lò, torí kò sí ọ̀nà tí a lè gbà ka “E duro” tí yóò fi di pé kí ènìyàn máa tẹ̀síwájú.

Òǹtẹ̀ náà kò gbà ju lẹ́tà méjìlélọ́gbọ̀n lọ lórí ìlà kan, nítorí náà ìlà kọ̀ọ̀kan ní láti kúrú. Ohun tó wà lójú ẹ̀rọ fún oní-POS nìyí:

```
Banki onikaadi ko dahun.
Owo le ti kuro.
E duro. Ki onikaadi
koko wo akanti re.
Koodu: 91
```

Èyí sì ni ti risíìtì oníbàárà:

```
BANKI YIN KO DAHUN
OWO LE TI KURO
E WO AKANTI YIN
BI O BA TI KURO, TI KO PADA
LAARIN WAKATI 72:
E MU RISITI YII LO SI BANKI YIN
RRN: 012345678912
KOODU: 91
```

Ẹ rí i pé a kò yọ nọ́ńbà 91 kúrò. Àwọn kan rò pé bí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé aráàlú, a ní láti fi nọ́ńbà pamọ́. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá dé báńkì, nọ́ńbà yẹn ni òṣìṣẹ́ báńkì yóò fi mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò. RRN ṣe pàtàkì jù ú lọ pàápàá. Nọ́ńbà oníméjìlá ni, òun sì ni orúkọ tí iṣẹ́ yẹn ń jẹ́ ní gbogbo ibùdó tó gbà kọjá. Pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n lè wá ìnáwó kan ṣoṣo rí láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Láìsí i, ìtàn lásán ni oníbàárà mú lọ.

Wákàtí 72 náà kì í ṣe ohun tí a dá sílẹ̀ fúnra wa. Láti ọjọ́ 8 oṣù Òkúdù, ọdún 2020, ni àṣẹ Báńkì Àpapọ̀ ti fi lélẹ̀ pé owó tó kúrò lórí POS tàbí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì yọrí, gbọ́dọ̀ padà láàrin wákàtí 72. Gbèdéke ni, kì í ṣe ìlérí ẹ̀rọ wa. Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ́ bí àkókò tí ènìyàn lè dìde béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀.

“Kí lẹ óò ṣe báyìí?”

Kí a tó fi gbólóhùn náà sínú ẹ̀rọ, a tẹ oríṣi méjì sórí ìwé pélébé, mo sì mú wọn tọ àwọn oní-POS lọ ní Àgídìngbì àti ní Ọ̀gbà. N kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó yé e. Bí ẹ bá bi ọmọ Yorùbá tó lọ́wọ̀ pé “Ṣé ó yé yín?”, yóò ní ó yé òun, kí ó má baà dójú tì yín. Ìbéèrè tí mo ń bi wọ́n ni: “Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ̀rọ bá kọ èyí, kí lẹ óò ṣe báyìí?” Ìṣe ni mo fẹ́ gbọ́.

Oríṣi kan sọ pé “Báńkì yín kò dáhùn,” èkejì sọ pé “Báńkì oníkáàdì kò dáhùn.” Ìyá kan tó ń ṣe POS nítòsí ibùdókọ̀ ka ti àkọ́kọ́, ó sì gbé fóònù rẹ̀ jáde. Ó ní, “Àbúrò, màá pe àwọn tó fún mi ní ẹ̀rọ.” Lójú tirẹ̀, òun ni ẹ̀rọ ń bá sọ̀rọ̀, nítorí náà báńkì òun ni. Nígbà tó ka oríṣi kejì, ó da káàdì inú afẹ́fẹ́ padà fún oníbàárà inú afẹ́fẹ́, ó ní, “Ẹ wo àkáǹtì yín ná.” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Ìdí nìyí tí “yín” fi wà lórí risíìtì, tí kò sì sí lójú ẹ̀rọ.

Ọkùnrin mìíràn bi mí léèrè ohun tó mọ́gbọ́n dání: kí ni òun yóò ṣe bí oníbàárà bá wo fóònù rẹ̀ tí kò sì rí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan pé owó kúrò? Àtẹ̀jíṣẹ́ náà lè pẹ́ dé, pàápàá nígbà tí báńkì fúnra rẹ̀ ń ṣàìsàn. Àìrí i kì í ṣe ẹ̀rí pé owó kò kúrò. Iye tó kù nínú àkáǹtì ni kí ènìyàn wò, nínú ápù tàbí pẹ̀lú kóòdù tí a ń tẹ̀ lórí fóònù. Bí báńkì náà kò bá sì ṣí rárá, ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí oníbàárà lo káàdì báńkì mìíràn, tàbí kó sún un síwájú. Èyí ló jẹ́ kí a kọ “wo àkáǹtì,” tí a kò sì kọ “dúró de àtẹ̀jíṣẹ́.”

Gbólóhùn tó dára kò lè ṣí ilẹ̀kùn báńkì tó tì. Kò lè mú kí 0420 tètè dé. Bí ẹni tó kọ sọfitíwíà bá sì da 91, 68 àti 96 pọ̀ sábẹ́ gbólóhùn kan tí kò tọ́ sí gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ tó dùn-ún kà yóò tún di irọ́. Ohun tó lè ṣe ni pé kí ẹni tó wà nídìí agboòrùn mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ láti ṣe, kó sì mọ èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí wọ́n bá sọ fún yín lọ́jọ́ kan pé “Kò lọ,” ẹ rọra béèrè pé, “Kóòdù wo ló mú wá?” Bí ó bá jẹ́ 51, ẹ béèrè iye tí wọ́n tẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 05, báńkì yín lẹ óò pè. Bí ó bá jẹ́ 91, ẹ wo àkáǹtì yín kí ẹ tó gbà kí wọ́n tún un tẹ̀, kí ẹ sì gba risíìtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó kò tẹ̀ yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá dé báńkì, ọjọ́, iye owó, RRN àti nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn káàdì tó fún wọn. Píìnì yín kò sí lára ohun tí ẹnikẹ́ni nílò láti bá yín wá owó yín.